Fágúnwà méjì nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo: báwo ni mo ṣe máa tọ́ka sí wọn ní MLA?

Àbẹ̀kẹ́_Àgọ́Ìwòyè

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Iṣẹ́ àṣekágbá mi lórí Fágúnwà ni mò ń kọ lọ́wọ́, MLA ni wọ́n ní ká lò. Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi dá orí kejì padà lánàá. Gbogbo ibi tí mo kọ `(Fagunwa 7)` sí ló fi bírò pupa yí po, ó wá kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé "Fágúnwà wo?" Ògbójú Ọdẹ tó kọ ní Yorùbá wà nínú iṣẹ́ mi, ìtumọ̀ tí Ṣóyínká ṣe wà níbẹ̀, àyọlò Fágúnwà kan tún wà tó jẹ́ inú ìwé tí Bámgbóṣé kọ lórí Fágúnwà ni mo ti rí i. Báwo ni mo ṣe máa tò wọ́n tí wọn ò fi ní dàrú mọ́ra?

ỌmọAlárè

Àbẹ̀kẹ́, kò le rárá. Ìtumọ̀ yẹn, Ṣóyínká ló jókòó kọ gbogbo gbólóhùn tó wà níbẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Kọ `(Soyinka 7)` fún un, kó o fi Fagunwa sílẹ̀ fún ti Yorùbá. Ó parí.

Ìyá Ṣúkúrà, Ṣágámù

Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ ọmọ iléèwé ni mò ń tẹ̀ lójoojúmọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi níbí, mo sì ti rí irú èyí rí. Ọdún ló máa yà wọ́n sọ́tọ̀. Àbẹ̀kẹ́, kọ `(Fagunwa, 1968, p. 7)` sí ti Gẹ̀ẹ́sì, kó o fi ọdún ti Yorùbá sí èkejì. Tí ọ̀rọ̀ tó o yọ bá sì ti tó ogójì ọ̀rọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, sún un wọlé kó dá dúró.

Bàbá Olùkọ́, Ìsarà

Ìyá Ṣúkúrà, ẹ kú iṣẹ́. APA lẹ ṣàlàyé yẹn, ó sì tọ̀nà fún àwọn tó ń lo APA. MLA kì í fi ọdún sínú àkámọ́, kì í kọ `p.`, kì í sì í ka iye ọ̀rọ̀.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, ìbéèrè tí olùkọ́ rẹ bi ọ́ tọ́. Iṣẹ́ kan péré ni àkámọ́ yẹn ń ṣe: ó ń mú òǹkàwé lọ bá ìwé kan ṣoṣo nínú àkójọ tó wà lẹ́yìn iṣẹ́ rẹ. Ọ̀rọ̀ tó bá ṣáájú nínú àkámọ́ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú nínú àkójọ. Nígbà tí olùkọ́ rẹ rí `(Fagunwa 7)`, tó ṣí ẹ̀yìn ìwé, tó bá Fagunwa méjì níbẹ̀, kí ló fẹ́ ṣe? Ó dúró sí oríta, kò mọ èyí tí yóò yà sí.

Nítorí náà, ẹ̀yìn ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé méjèèjì, Fágúnwà ló ni wọ́n. Ẹni tó túmọ̀ ìwé kò gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́. Lẹ́yìn orúkọ ìwé ni orúkọ tirẹ̀ ń wà. Báyìí ni yóò rí:

```
Fagunwa, D. O. The Forest of a Thousand Daemons.
    Translated by Wole Soyinka, Thomas Nelson, 1968.
---. Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀. 1938.
    Nelson, 1950.
```

Wo ìlà kẹta dáadáa. Dáàṣì mẹ́ta yẹn ń sọ pé ẹni tó wà lókè náà ni. Forest ló ṣáájú Ògbójú nítorí pé a kì í ka `The` mọ́ ọn tí a bá ń tò wọ́n. Orúkọ ìwé méjèèjì gbọ́dọ̀ wà ní lẹ́tà tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ibi tí mo ti ń kọ ọ́ yìí ni kò jẹ́ kó hàn. Ọdún 1938 tó wà láàárín ni ọdún tí ìwé Yorùbá yẹn kọ́kọ́ jáde. Kò pọn dandan kó o fi sí i, ṣùgbọ́n èmi fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ó ń jẹ́ kí òǹkàwé mọ̀ pé ọgbọ̀n ọdún ló wà láàárín ìwé náà àti ìtumọ̀ rẹ̀.

Ó wá ku inú iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí orúkọ kan náà ti ní ìwé méjì, fi ọ̀rọ̀ kan láti inú orúkọ ìwé kún un:

```
The narrator says of the agidigbo that "it is the wise
who dance to it" (Fagunwa, Forest 7).
```

Kọ́mà wà láàárín orúkọ òǹkọ̀wé àti orúkọ ìwé. Kò sí kọ́mà láàárín orúkọ ìwé àti nọ́ńbà. Àmì ìdánudúró sì wà lẹ́yìn àkámọ́. Tó o bá ti dárúkọ Fágúnwà nínú gbólóhùn rẹ, má tún un kọ mọ́. `(Forest 7)` ti tó.

ỌmọAlárè

Bàbá, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n mo ti rí i nínú ìwé gidi o, níbi tí orúkọ Ṣóyínká ti ṣáájú. Mi ò purọ́.

Bàbá Olùkọ́, Ìsarà

O ò purọ́, ọmọ mi. Ó wà bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ olùtumọ̀ gan-an ni iṣẹ́ ń yẹ̀ wò, ìyẹn bó ṣe yan ọ̀rọ̀, ohun tó fi kún un àti ohun tó fò, a lè gbé e síwájú:

```
Soyinka, Wole, translator. The Forest of a Thousand
    Daemons. By D. O. Fagunwa, Thomas Nelson, 1968.
```

Ìgbà yẹn ni `(Soyinka 7)` tìrẹ máa tọ̀nà. Àṣìṣe tí mo máa ń rí ni pé akẹ́kọ̀ọ́ á kọ `(Soyinka 7)` sínú iṣẹ́, á wá fi Fagunwa ṣáájú lẹ́yìn ìwé. Òǹkàwé á wá Soyinka dé S, kò ní bá a níbẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́, kí ni iṣẹ́ rẹ dá lé lórí gan-an?

Àbẹ̀kẹ́_Àgọ́Ìwòyè

Ẹ ṣeun gan-an sà. Bí àwọn ọdẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ ni, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pe ara wọn, kí wọ́n tó dojú kọ iwin. Orí kẹrin nìkan ni mo ti fi ìtumọ̀ Ṣóyínká wé ti Yorùbá.

Bàbá Olùkọ́, Ìsarà

Fágúnwà ni kó ṣáájú nígbà náà, láti orí kìíní dé ìparí. Ìwé kan kì í ní ìlà méjì nínú àkójọ kan. Mú ọ̀kan, kó o dúró tì í, bí orí kẹrin tilẹ̀ jẹ́ ti olùtumọ̀.

Ìbéèrè tèmi nìyí: àyọlò inú ìwé Bámgbóṣé yẹn, kí ló dé tó jẹ́ ibẹ̀ lo ti mú un? Ṣé o ò ní ìwé Fágúnwà fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ ni?

Àbẹ̀kẹ́_Àgọ́Ìwòyè

Ó wà lọ́wọ́ mi sà, mo yá a ní ilé ìkàwé. Ó kàn jẹ́ pé mo ti rí àyọlò yẹn nínú ìwé Bámgbóṣé kí n tó rí ìwé náà yá, mo sì ti tẹ̀ ẹ́ sínú iṣẹ́. `(Fagunwa 31)` ni mo kọ sí i, nọ́ńbà tí Bámgbóṣé fi sí i ni mo mú.

Bàbá Olùkọ́, Ìsarà

Ibi tó ń dùn mí nìyẹn, jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ọ.

Nígbà tí èmi náà wà nílé ẹ̀kọ́ gíga, mo fa ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé kan yọ láti inú iṣẹ́ ẹlòmíràn. Mo kọ orúkọ òǹkọ̀wé àti ojú ìwé sí i bí ẹni pé mo ti ka ìwé náà. Mi ò rí ìwé náà sójú rí. Lọ́jọ́ tí mo dúró níwájú àwọn olùkọ́ láti sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ mi, ọ̀kan nínú wọn gbé ìwé ọ̀hún kalẹ̀ sórí tábìlì, ó ṣí i, ó sì ní kí n ka gbólóhùn náà sókè. "Kò" wà nínú gbólóhùn yẹn. Ẹni tí mo wò lára rẹ̀ ti fò ó nígbà tó ń dà á kọ. Ohun tí mo ti ń fi ojú ìwé méjì gbé lẹ́yìn, òdìkejì rẹ̀ ni òǹkọ̀wé sọ. Ó ti pẹ́ o, ṣùgbọ́n tí mo bá rántí, ara mi ṣì máa ń gbóná.

Nítorí náà, ṣí ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ kó o wá gbólóhùn yẹn rí. Nọ́ńbà ojú ìwé tìrẹ lè yàtọ̀ sí ti Bámgbóṣé bí ẹ̀dà bá yàtọ̀, nọ́ńbà ti ẹ̀dà ọwọ́ rẹ ni kó o kọ. Tó o bá ti rí i, Bámgbóṣé ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ yẹn, àfi tó o bá fẹ́ lo àlàyé tí òun fúnra rẹ̀ ṣe.

Ṣùgbọ́n ká ní ìwé náà kò sí níbì kankan tó o lè dé, sọ òótọ́ ibi tó o ti rí i, ká ní ojú ìwé 58 nínú ìwé Bámgbóṣé ni:

```
(qtd. in Bamgbose 58)

Bamgbose, Ayo. The Novels of D. O. Fagunwa.
    Ethiope Publishing, 1974.
```

Nínú gbólóhùn rẹ lo ti máa sọ pé Fágúnwà ló ni ọ̀rọ̀. Nọ́ńbà inú àkámọ́, ti ìwé Bámgbóṣé ni, kì í ṣe ti Fágúnwà. Bámgbóṣé nìkan ló sì máa wọ inú àkójọ nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé tí ọwọ́ rẹ kò tẹ̀, má kọ ọ́ síbẹ̀.

Ìyá Ṣúkúrà, Ṣágámù

Bàbá, ẹ ṣeun, mo ti gbọ́ ti APA. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé ti èyí tó gùn fún mi, torí èmi ni wọ́n máa ń bú tó bá burú. Tí kì í bá ṣe ogójì ọ̀rọ̀, kí la máa fi mọ̀ ọ́n? Ẹnì kan tún wà tó gbé Fágúnwà àtijọ́ wá fún mi kí n tẹ̀ ẹ́. Mo rí "nwọn", mo rí "aiye", mo rí "enia", mo sì tún gbogbo rẹ̀ ṣe fún un sí "wọ́n", "ayé" àti "ènìyàn". Mo fi àmì sí i dáadáa. Ọmọ yẹn dúpẹ́, àmọ́ ó padà wá lọ́jọ́ kẹta pé kí n dá a padà sí bó ṣe wà. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe.

Bàbá Olùkọ́, Ìsarà

Ìyá Ṣúkúrà, ìfẹ́ lẹ fi ṣe é, àmọ́ ọmọ yẹn jàre. Wọ́n ti tẹ ìwé náà jáde kí ìjọba tó fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń kọ ọ́ nígbà náà. Ohun tó bá wà láàárín àmì àyọlò, bó ṣe wà nínú ìwé ni kó wà. "Nwọn" ni kó jẹ́ "nwọn". Ibi tí kò bá sí àmì ohùn nínú ìwé, ẹ má fi sí i. Ibi tó bá wà, ẹ má yọ ọ́. Àmì ohùn kan ṣoṣo lè sọ "ọkọ̀" di "ọkọ". Ẹni tó bá fi àmì sí ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé kò fi sí ti pinnu ìtumọ̀ fún un nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ lè sọ nínú àlàyé tirẹ̀ pé báyìí lòun ṣe ka ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ kì í ṣe láàárín àmì àyọlò.

Ní ti èyí tó gùn: tí àyọlò inú ìtàn bá ti ju ìlà mẹ́rin lọ lórí ìwé tí ẹ ń tẹ̀, ẹ sún gbogbo rẹ̀ wọlé ní ìdajì ínṣì. Ìlà ti yín ni o, kì í ṣe ìlà inú ìwé Fágúnwà. Tó bá jẹ́ ewì, ó ju ìlà mẹ́ta lọ. Ẹ yọ àmì àyọlò kúrò, torí sísún tí ẹ sún un ti sọ pé àyọlò ni. Àmì ìdánudúró níbí yìí máa wá ṣáájú àkámọ́, kò ní wà lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í.

Ìyá Ṣúkúrà, Ṣágámù

Háà. Ìdí nìyẹn tí ọmọ kan fi ní mo tẹ iṣẹ́ òun dáadáa lórí fóònù, tó wá burú nígbà tí mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà! Ìlà mẹ́fà lórí fóònù ti di mẹ́ta lórí ìwé gidi.

Rónkẹ́_Ìlíṣàn

Ẹ kú ìjókòó. Ilé ìkàwé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un lórí bí a ṣe ń tò wọ́n, torí mo máa ń rí i lára àwọn tó kọ Yorùbá dáadáa.

Wọ́n máa ń tò ó bí ìwé atúmọ̀ Yorùbá. G ṣáájú GB, O ṣáájú Ọ, S ṣáájú Ṣ. Bẹ́ẹ̀ ni Gíwá fi máa ń ṣáájú Gbádébọ̀ lọ́wọ́ wọn, tí Owólabí á sì ṣáájú Ọláyẹmí. MLA kò wo àmì tó wà lábẹ́ tàbí lókè lẹ́tà nígbà tó bá ń tò, kò sì mọ GB bíi lẹ́tà kan. Nítorí náà Gbádébọ̀ ló ṣáájú Gíwá, Ọláyẹmí ló ṣáájú Owólabí. Àmì yẹn ṣì máa wà lórí orúkọ o, a kàn ò ní fi tò ó ni.

Ìyá Ṣúkúrà, tí ẹ bá ń lo Word, ẹ sàmì sí gbogbo àkójọ yẹn kí ẹ tẹ `Ctrl+T`. Ìlà kìíní á dúró sí ẹ̀bá, àwọn tó tẹ̀ lé e á sún wọlé. Ẹ má fi spéèsì tì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ẹ bá ti yí lẹ́tà padà báyìí, gbogbo rẹ̀ á tú ká.

Akẹ́wì Ìjẹ̀bú-Igbó

Mo ń ka gbogbo yín láti àárọ̀. Tèmi kò sí nínú ìwé kankan ní tèmi. Orin Agẹmọ ni mò ń kọ iṣẹ́ lé lórí, ẹnu àwọn àgbà ni mo ti gbọ́ ọ, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ojú ìwé wo ni mo fẹ́ kọ?

Rónkẹ́_Ìlíṣàn

Kò sí ojú ìwé, ẹ má wá a. Orúkọ ẹni tó kọ ọ́ létí yín ló máa wà nínú àkámọ́, kò sí nọ́ńbà. Lẹ́yìn ìwé, orúkọ rẹ̀ náà ló máa ṣáájú, kí ẹ sọ irú ohun tó jẹ́, kí ọjọ́ tí ẹ gbọ́ ọ tẹ̀ lé e.

Akẹ́wì Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹni tó kọ ọ́ fún mi ní kí n má dárúkọ òun. Ó ní orin yẹn kì í ṣe tòun, ti ìlú ni. Bí mo bá dárúkọ rẹ̀, mo ti dalẹ̀. Bí n kò bá dárúkọ, kò sí ohun tí àkámọ́ mi máa tọ́ka sí.

Bàbá Olùkọ́, Ìsarà

Má dárúkọ rẹ̀. Àdéhùn tó wà láàárín ìwọ àti àgbà yẹn ló ṣáájú. Èmi ì bá fi ohun tó jẹ́ sí ipò orúkọ, bí "Àgbà olórin", kí n fi ọjọ́ àti ìlú tẹ̀ lé e, kí n sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀ ìwé. Ṣùgbọ́n lọ bá olùkọ́ rẹ jíròrò kó o tó kọ ọ́, ẹlòmíràn lè ní ọ̀nà tó dára ju tèmi lọ.

ỌmọAlárè

Tí ìlú bá ló ni ín, kí ló dé tí kò fi ní kọ orúkọ ìlú? Èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀.

Akẹ́wì Ìjẹ̀bú-Igbó

Àwọn Olójà Agẹmọ pọ̀, ìlú wọn sì yàtọ̀ síra. Orúkọ ìlú nìkan á ti sọ ẹni náà fún ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú.

Àbẹ̀kẹ́_Àgọ́Ìwòyè

Ẹ kú àárọ̀ o. Mo ti rí gbólóhùn yẹn nínú ẹ̀dà ọwọ́ mi, ojú ìwé rẹ̀ yàtọ̀ sí ti Bámgbóṣé lóòótọ́. Mo kà á ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ọ̀rọ̀ bá ọ̀rọ̀ mu. Mo ti yọ Bámgbóṣé kúrò níbẹ̀, mo fi sílẹ̀ níbi tí mo ti lo àlàyé tirẹ̀.

Ohun méjì ló kù. Ẹ̀dà tí mo yá yìí, ewé àkọ́kọ́ rẹ̀ ti ya, kò sí ọdún, kò sí ilé ìtẹ̀wé. Inú àkọsílẹ̀ ilé ìkàwé ni wọ́n ti kọ ọ́ pé Nelson, 1950. Ìkejì ni pé èmi fúnra mi ni mo túmọ̀ àwọn gbólóhùn kan, torí ọ̀rọ̀ tí Ṣóyínká lò níbẹ̀ kò gbé ohun tí mò ń wí yọ.

Rónkẹ́_Ìlíṣàn

Ọdún tàbí ilé ìtẹ̀wé tí kò sí nínú ìwé fúnra rẹ̀, tó o rí níta, inú àkámọ́ onígun ló ń wọ̀: `[Nelson], [1950].` Bẹ́ẹ̀ ni òǹkàwé á ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ojú ewé ìwé lo ti rí i. Tí ọdún náà kò bá dá ọ lójú, fi àmì ìbéèrè tẹ̀ lé e nínú àkámọ́ rẹ̀. Jọ̀ọ́, fi ewé tó ya yẹn han ẹni tó wà ní káńtà kó o tó dá ìwé padà, kí wọ́n má bàa ní ìwọ lo ya á.

Bàbá Olùkọ́, Ìsarà

Ti ìtumọ̀ rẹ, ká ní ojú ìwé 12 ni ọ̀rọ̀ náà wà. Kọ Yorùbá rẹ̀ sílẹ̀, kó o kọ ìtumọ̀ rẹ tẹ̀ lé e, àkámọ́ rẹ̀ á wá rí báyìí:

```
(Fagunwa, Ògbójú 12; my trans.)
```

Tó bá pọ̀ nínú iṣẹ́, àlàyé kan ṣoṣo níbi àkọ́kọ́ ti tó, pé ìwọ lo túmọ̀ gbogbo èyí tí o kò bá dárúkọ ẹlòmíràn sí.

ỌmọAlárè

Bàbá, ṣé Yorùbá ni kó ṣáájú àbí Gẹ̀ẹ́sì? Olùkọ́ tèmi ní Gẹ̀ẹ́sì ni kó wà nínú iṣẹ́, kí Yorùbá lọ sísàlẹ̀ ìwé, torí àwọn tó máa kà á kì í ṣe Yorùbá tán.

Bàbá Olùkọ́, Ìsarà

MLA gba méjèèjì. Èmi ò gbà pẹ̀lú olùkọ́ rẹ. Ẹni tó ń kọ iṣẹ́ lórí bí ọdẹ ṣe ń sọ̀rọ̀, tó wá lọ tọ́jú ọ̀rọ̀ ọdẹ sísàlẹ̀ ìwé, kí ló wá kù tó ń yẹ̀ wò? Àmọ́ ìwọ lo máa gba máàkì lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe èmi. Bá a sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Àbẹ̀kẹ́_Àgọ́Ìwòyè

Mo gbé iṣẹ́ náà padà fún olùkọ́ mi lónìí. Wọ́n ṣí ẹ̀yìn, wọ́n ṣí iwájú, wọ́n fi ìka tẹ̀ lé àwọn àkámọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò fi bírò pupa yí ẹyọ kan. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n kọ: pé kí n fi àmì sí "Soyinka", kó jẹ́ "Ṣóyínká". Ṣùgbọ́n "Wole Soyinka" láìsí àmì ló wà lára ìwé tó wà lọ́wọ́ mi. Èwo ni kí n tẹ̀ lé?

Rónkẹ́_Ìlíṣàn

Bó ṣe wà lára ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ wá a ní ilé ìkàwé, bẹ́ẹ̀ ló máa tẹ̀ ẹ́.

Bàbá Olùkọ́, Ìsarà

Níbi àkójọ, mo fara mọ́ Rónkẹ́. Nínú gbólóhùn tìrẹ, níbi tí ìwọ ti ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ara rẹ, kọ Ṣóyínká. Ọmọ ìlú wa ni bàbá rẹ̀, a mọ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ yẹn.